Ọ̀dà wo ni kì í bó lára ògiri ìta tí ọ̀rinrin ń bá jà?

Ìyálé-Àjàṣẹ́

Ọdún kẹrin rè é tí a ti wà nínú ilé yìí ní Àjàṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sì ti kun ògiri tó dojú kọ àgbàlá. Bí òjò oṣù karùn-ún bá ti wọlé, ọ̀dà á lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, á sì máa bó wálẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. A ti lo ọ̀dà olómi, a ti lo olóròóró. Èwo ni kí n rà báyìí tí kò ní bó mọ́?

* * *

Akunlé-Kétu

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni mo fi ń jẹun ní Kétu láti ọdún 17 sẹ́yìn, ohun tí mo sì rí ni pé nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ọ̀dà ti ń bó, ẹni tó kùn ún ló jẹ̀bi, ọ̀dà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n á bu omi sí garawa ọ̀dà kan títí tí yóò fi di méjì, wọn kò ní ha ti àtijọ́ kúrò, wọn yóò kàn gbé tuntun gun orí eruku. Eruku ni ọ̀dà náà dì mú, kò di ògiri mú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ha ògiri yín dé ibi tó le, kí wọ́n fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wá fi ojúlówó ọ̀dà olóròóró lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Omi kì í wọ inú ọ̀dà olóròóró. Ògiri tí omi kò bá wọ̀, kí ni yóò mú un wú? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 ó kéré tán kí ọ̀dà tó kàn án, torí pé sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ ọ̀dà olóròóró títí yóò fi máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ.

* * *

Olùkọ́-Ìpóbẹ̀

Irú rẹ̀ ṣe wá nínú yàrá ìbùsùn. Dúdú dúdú ló ń yọ sí igun ògiri lẹ́yìn àpótí aṣọ, ó sì ń rùn. Jáfẹ́ẹ̀lì ni mo pò mọ́ omi tí mo fi fọ̀ ọ́, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì tún un kùn. Kò padà wá mọ́. Ẹ gbìyànjú jáfẹ́ẹ̀lì.

* * *

Bíríkìlà-Àgbà

Olùkọ́, èébu inú yàrá ni tiyín, èémí àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ló sì fà á nígbà tí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà gbà. Ògiri ìta ni wọ́n ń bi wá, jáfẹ́ẹ̀lì kò sì lè dí omi lọ́nà.

Ìyálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ogójì ọdún ni mo fi mọ ilé tí mo sì fi tún ilé ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, díẹ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́ sì wà lára wọn, n kò sì tíì yan ọ̀dà fún ògiri kan kí n tó mọ ibi tí omi ti ń wọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí bíbó náà wà lára ògiri: ṣé ìsàlẹ̀ ni, ṣé abẹ́ òrùlé ni, àbí yíká fèrèsé? Ẹ wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀bẹ, kí ẹ la ròrò kan tí kò tíì bẹ́, kí ẹ sì wo ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà àtijọ́ ni ẹ rí lábẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀dà tuntun ni kò gba ti àtijọ́ mú, òótọ́ Akunlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀dà tí wọ́n ti ń kùn láti ọjọ́ yìí bá wú pọ̀, tí ẹ kò rí nǹkan mìíràn nídìí wọn àfi sìmẹ́ńtì lásán, omi ló ti ẹ̀yìn tì wọ́n.

Ẹ fi ìṣó tàbí ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà níbi kékeré kan tí kò hàn síta, kí ẹ lè sọ fún wa bóyá búlọ́ọ̀kù ló wà nínú tàbí amọ̀. Níkẹyìn, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ó fẹ̀ tó ìdajì mítà níbùú àti lóòró, ẹ ha ọ̀dà kúrò níbì kan, kí ẹ sì fi téèpù lẹ etí ọ̀rá náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ibẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi tó bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá tó kọ sí ògiri, inú ògiri ló ti jáde.

* * *

Ìyálé-Àjàṣẹ́

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ìsàlẹ̀ ni bíbó náà wà. Ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 nítòsí ilẹ̀kùn, ó ga tó 85 níbi tí a ti ń fọ aṣọ, òkè rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan lára. Nígbà tí mo la ròrò kan, omi kán jáde láti inú rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ọ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wú pọ̀, ti àkọ́kọ́, ti aláwọ̀ ewé àti ti èṣí, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn bí awọ àlùbọ́sà. Nídìí wọn, lójú sìmẹ́ńtì, mo rí nǹkan funfun kan tó hù bí irun wẹ́wẹ́. Ọmọ mi obìnrin fi ahọ́n kàn án kí n tó lè dá a dúró, ó ní iyọ̀ ni.

Sìmẹ́ńtì náà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì, amọ̀ pupa ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tutù dé ibi pé mo lè fi ìka mọ ọ́n. Ọ̀rá tí mo lẹ̀ mọ́ ọn kún fún omi kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú tó kọ sí ògiri ni omi náà wà. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò sọ fún mi pé ẹfun ni wọ́n máa ń fi kun ilé yìí lọ́dọọdún nígbà tí òun wà ní ọmọdé, àgbàlá sì jẹ́ ilẹ̀ lásán nígbà náà. Ẹni tó tà á fún wa ló da sìmẹ́ńtì sí gbogbo àgbàlá títí dé ìdí ògiri, òun náà ló sì rẹ́ ara ilé.

* * *

Bíríkìlà-Àgbà

Ìyá àgbà yẹn ti bá mi dáhùn ìdajì ọ̀rọ̀.

Ògiri amọ̀ ń fa omi ilẹ̀ mu bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, kò sì da ilé náà láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí pé omi náà rí ọ̀nà jáde. Ilẹ̀ àgbàlá ṣí sílẹ̀, òòrùn a fa èyí tó pọ̀ jù jáde níbẹ̀. Ìwọ̀nba tó bá gun ògiri a sì gba inú ẹfun jáde láìsí ẹni tó mọ̀. Ìgbà tí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá, ẹnu ọ̀nà kan tì. Ìgbà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri, ìkejì tì. Ọ̀dà olóròóró wá ti ìkẹta. Ògiri yín ti dà bí ẹni tó wọ aṣọ ọ̀rá sábẹ́ òòrùn ọ̀sán: òjò kò pa á, ṣùgbọ́n òógùn rẹ̀ ti fẹ́ pa á.

Ẹ ó sì ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe inú òjò gan-an ni ròrò máa ń yọ. Bí òjò bá dá fún ọjọ́ méjì, tí òòrùn sì ràn sí ògiri, nígbà náà ni ẹ ó rí i. Ooru ń sọ omi inú ògiri di èémí, èémí náà ń wá ọ̀nà àbáyọ, ọ̀dà sì dí i lọ́nà, ni ó bá gbé ọ̀dà sókè. Iyọ̀ tí ọmọ yín tọ́ wò ló ń parí iṣẹ́ náà. Omi ló ń gbé e láti inú ilẹ̀ àti inú sìmẹ́ńtì wá. Bí omi bá gbẹ tán lẹ́yìn ọ̀dà, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á dì, á sì máa dàgbà, kò sì sí ọ̀dà tó lágbára tó láti dì í mú.

Ìdí rèé tí n kò fi dárúkọ ọ̀dà kankan fún ìsàlẹ̀ ògiri náà. Bí ẹ bá ra èyí tó lágbára jù, ó ṣeé ṣe kí ó má bó lóòótọ́. Mo ti rí ilé kan báyìí nítòsí ọ̀sà, ọ̀dà arọ́bà olówó iyebíye ni wọ́n fi kùn ún. Ọ̀dà náà di sìmẹ́ńtì mú ṣinṣin ni. Ní òjò kejì, sìmẹ́ńtì ló ya kúrò lára amọ̀, ó wó lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ kan ṣoṣo pẹ̀lú ọ̀dà lára rẹ̀ tí kò ní àbààwọ́n.

* * *

Akunlé-Kétu

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Ògiri amọ̀ pọ̀ ní Kétu ju bí ó ṣe pọ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ. Ohun tí àwọn oníbàárà mi ń fẹ́ ni pé kí n fi ọ̀dà olóròóró dúdú tàbí pupa kun ìsàlẹ̀ ògiri dé ìwọ̀n mítà kan, kí ẹrẹ̀ tí òṣòòrò ń ta sí i má baà hàn. Mo ń ṣe é, wọ́n sì ń dúpẹ́. Ọdún kan, ọdún méjì, kò sí nǹkan kan. Bí ohun tí ẹ sọ bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí gbogbo wọn ti wá bá mi jà.

* * *

Onílé-Wàńdó

Ẹ jẹ́ kí n dá Akunlé lóhùn, torí pé mo ti sanwó ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ ilé mi kò yé bó, èmi kò tilẹ̀ wá ọ̀dà mọ́. Mo ra táìsì, mo ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìta dé gíga sẹ̀ǹtímítà 90, ilé náà sì dára bí ilé ìfowópamọ́. Ní òjò tó tẹ̀ lé e, kò sí ohun tó ṣe táìsì. Ọ̀dà tó wà lókè táìsì, tí kò bó rí láyé rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Lọ́dún kejì, àbààwọ́n omi ti gun dé mítà kan àti ààbọ̀, ó ti wọ inú pálọ̀, ó ń bó lẹ́yìn àga. Nígbà tí a yọ táìsì kan wò, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò ń pò.

Omi tí mo dí lọ́nà nísàlẹ̀ kò padà sínú ilẹ̀. Òkè ló gbà lọ.

* * *

Akunlé-Kétu

Ẹ dúró ná. Ilé kan wà tí mo kùn báyìí lọ́nà ọjà, tí wọ́n tún pè mí padà lọ́dún kẹta pé kí n gbé ọ̀dà dúdú náà ga sí i, torí pé òkè rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Mo gbé e ga ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo rò nígbà náà pé ẹrẹ̀ ló ń ta dé ibẹ̀ ni. Ìyàlẹ́nu rèé, n kò ronú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọ̀dà kan kò sí fún un. Ẹ jẹ́ ká fi olóròóró sílẹ̀. Pílíólíìtì ńkọ́? Ìta ilé ni wọ́n dìídì ṣe é fún, ó ń di ògiri tó ń yọ ẹfun mú, òjò kì í fọ̀ ọ́ lọ bí ó bá ti gbẹ ní wákàtí mélòó kan, àwọn tó ń tà á sì sọ pé ó ń jẹ́ kí ògiri mí.

* * *

Ọmọ-Òkè-Ṣábẹ

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, torí pé ọ̀dà arọ́bà kan náà tí Bàbá ń bú ni mo lò sí ilé mi ní Ṣábẹ, òjò márùn-ún ti rọ̀ sí i, kò sì ṣe nǹkan kan. Ilé búlọ́ọ̀kù ni tèmi, orí àpáta ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sí, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú ògiri kékeré tó yí i ká. Òkè ni ọ̀dà ti ń bó nígbà náà, lábẹ́ òrùlé gan-an, tí àbààwọ́n sì ń ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Mo kun ilé náà lẹ́ẹ̀mejì lásán kí ẹnì kan tó gun òkè lọ wò ó fún mi. Orí ògiri kékeré yẹn ti là láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi òjò kàn ń gba ibẹ̀ wọnú búlọ́ọ̀kù tààrà. A dí i, a fi sìmẹ́ńtì ṣe ìbòrí fún un, kí ó dagẹ̀rẹ̀ sí inú kí omi má baà ṣàn sára ògiri, a dúró fún oṣù mẹ́ta, a wá kùn ún. Ṣé mo ti ṣe àṣìṣe ni?

* * *

Bíríkìlà-Àgbà

Ẹ kò ṣe àṣìṣe kankan. Òkè ni omi tiyín ti ń wọlé, ẹ dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ sì dúró kí ògiri gbẹ, ọ̀dà tó ń nà tó sì ń bo ojú ìlà wẹ́wẹ́ wá bá ògiri tó gbẹ. Ohun tí mo ń sọ kò kọjá ògiri tí omi ń ti inú ilẹ̀ gùn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún pé kí ó dákẹ́.

Akunlé, ní ti pílíólíìtì, òótọ́ ni pé ó dára fún ìta, ó sì sàn ju olóròóró lọ. Bí Ìyálé bá fẹ́ fi kun òkè ògiri rẹ̀, níbi tó gbẹ, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n mímí tí wọ́n ń sọ yẹn ní ìwọ̀n. Ó lè jẹ́ kí èémí díẹ̀ jáde. Ibi tí ẹ ti la ròrò tí omi kán síni lọ́wọ́ kọjá agbára rẹ̀, iyọ̀ náà yóò sì tún wà níbẹ̀.

Ìyálé, ohun tí n bá ṣe bí ilé náà bá jẹ́ tèmi nìyí. Mo ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ògiri náà gùn ní mítà mẹ́sàn-án. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe.

Báyìí tí a wà nínú oṣù kẹfà, ẹ ha ọ̀dà kúrò nísàlẹ̀ nìkan, ẹ má fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí amọ̀ sílẹ̀ nínú òjò, òjò yóò jẹ ẹ́ dànù. Ohun tó kan ní báyìí ni àgbàlá. Ẹ fọ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ kúrò ní ìdí ògiri náà, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, ẹ gbẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n 30, ẹ má jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìpìlẹ̀ ilé amọ̀ kì í sábà jìn, ẹni tó bá gbẹ́ kọjá rẹ̀ lè mú kí ògiri jókòó. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kí ó sì dagẹ̀rẹ̀ síbi tí omi yóò gbà lọ. Òkúta yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ilẹ̀ rí ọ̀nà mí, òṣòòrò kò sì ní máa ta ẹrẹ̀ sára ògiri mọ́. Ibi ìfọṣọ ní láti kúrò níbẹ̀, kò sí àní-àní; gíga 85 tí ẹ wọ̀n níbẹ̀ ti jẹ́ẹ̀rí sí i.

Bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, ẹ wá yọ sìmẹ́ńtì ara ògiri náà. Ẹ yọ ọ́ kọjá àbààwọ́n ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50, ìyẹn dé mítà kan àti 35. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyọ̀ náà kúrò ní gbígbẹ, kí ẹ sì kó o dànù. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, nítorí omi yóò yọ́ ọ padà sínú ògiri. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ sí amọ̀ náà títí di òpin oṣù kejì. Kò ní gbẹ tán, ògiri tó nípọn tó ẹsẹ̀ kan lè gbà tó ọdún kan, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù yóò ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ẹfun sísun rẹ́ ẹ, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní ṣóò, tí wọ́n ń tà nínú àpò bíi sìmẹ́ńtì. Ìwọ̀n kan ẹfun sí mẹ́ta yanrìn odò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé yanrìn etí òkun wá fún yín, iyọ̀ tí ẹ ń lé lọ ni wọ́n tún gbé wọlé yẹn. Fún mítà mẹ́sàn-án tí mo ṣírò, bí ìrẹ́ náà bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀, yanrìn bárò márùn-ún tó, pẹ̀lú àpò ẹfun oníkílò 25 mẹ́ta. Ẹ fọwọ́ tọ́ ẹfun náà wò kí ẹ tó sanwó: bí àpò rẹ̀ bá ti ya, tí inú rẹ̀ ti dì gbagidi, afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́, kò ní di nǹkan kan mú mọ́. Ẹ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi àpò tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, torí bí atẹ́gùn gbígbẹ bá fa omi rẹ̀ jáde kí ó tó le, yóò là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Orí ìrẹ́ ẹfun yìí ni ẹ ó ti fi ẹfun kan náà kùn ún, kí ó ṣàn bíi wàrà. Ẹ wọ́n omi sí ògiri kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọjọ́ kan wà láàárín ìkan àti èkejì. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, ẹ ó rò pé ẹ kò ṣe nǹkan kan, torí pé bí omi lásán ló máa ń rí lára ògiri. Bí ó bá ń gbẹ ni funfun rẹ̀ ń jáde. Ẹ dáàbò bo ojú yín dáadáa, torí pé ẹfun yẹn ń jó ojú àti awọ.

* * *

Ìyálé-Àjàṣẹ́

Mo ti ka èyí fún ọkọ mi. Ó ní òun kò fẹ́ ilé tó ń fi ẹfun sí èèyàn láṣọ, òun kò sì fẹ́ funfun. Àwọ̀ ìyeyè ló fẹ́. Ó tún bi mí pé: ẹ̀ẹ̀mélòó ni a ó tún máa ṣe é?

* * *

Bíríkìlà-Àgbà

Ẹ sọ fún wọn pé wọn kò parọ́ mọ́ ọn, ó ń fi ẹfun sí aṣọ lóòótọ́, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́. Ní ti àwọ̀, ẹ lè po ìyẹ̀fun àwọ̀ ìyeyè tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn, kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹfun náà lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dì mọ́. Ọ̀dà kan wà tí wọ́n ń pè ní sílíkéètì tó ń mí bíi ti ẹfun tí kì í sì í yọ sí aṣọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n, n kò sì tíì rí i rà ní ọjà Wàńdó.

Ẹfun kíkùn lè gbà yín ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó tún un kùn. Ìrẹ́ náà fúnra rẹ̀ yóò máa gba iyọ̀ sára, bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún yóò rọ̀, ẹ ó sì rẹ́ òmíràn. Iṣẹ́ tí a rán an nìyẹn: òun ni kí ó bàjẹ́ kí amọ̀ ilé má baà bàjẹ́.

* * *

Akunlé-Kétu

Ibi tí mo ṣì kù sí ni pé oníbàárà tó ní kí n wá tún ilé òun kùn lẹ́yìn ọdún méjì kò ní gbà pé iṣẹ́ dáadáa ni mo ṣe. Bíríkìlà lè sọ pé kí ìrẹ́ bàjẹ́, akunlé kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. N bá lo ẹfun sí ìsàlẹ̀ bí Bàbá ti wí, n bá sì fi ààlà kan sáàárín, kí n fi pílíólíìtì kun òkè.

* * *

Onílé-Wàńdó

Àkírílíìkì tí kò dán ni èmi lò sí òkè lẹ́yìn tí mo yọ táìsì. Òjò méjì ti rọ̀ sí i. N kò tíì lè búra fún un.

* * *

Bíríkìlà-Àgbà

Nínú méjèèjì, àkírílíìkì ni n bá mú, torí pé pílíólíìtì lè mú ọ̀dà àtijọ́ tó wà lókè náà rọ̀, kí ó sì ká a sókè. Akunlé yóò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ òun. Kí wọ́n dán an wò níbì kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n sì dúró ọ̀sẹ̀ kan.

* * *

Ìyálé-Àjàṣẹ́

A fọ́ sìmẹ́ńtì ìdí ògiri ní àárọ̀ Sátidé. Ọjọ́ mẹ́fà ni òjò kò ti rọ̀, sìmẹ́ńtì náà gbẹ, ó ń gbóná lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ sókè, omi ń kán lábẹ́ rẹ̀. Ekòló wà níbẹ̀. A tún rí ọ̀pá omi ìdọ̀tí kan tó ti ilé aládùúgbò wá, ó ti sán, ó sì ń da omi sí ìdí ògiri wa láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọkọ mi ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀pá náà ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, wọn kò sì tíì sọ ẹni tí yóò tún un ṣe.